Ká Tó Ta Ayò, Ká Kọ́kọ́ Fẹnu Kò: Ọ̀rọ̀ Ìṣíde fún Àwọn Ọ̀pẹ ní Kòsọ́fẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣí ọjọ́ ayò àdúgbò wa ní Ìkòsí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kétu, ló wà nísàlẹ̀ yìí. Àwọn tí kò fọwọ́ kan ọmọ ayò rí ni mo dìídì bá sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ náà lè rí i kà, kó sì mọ ibi tó yẹ kó gbójú sí bí ó bá jókòó sídìí ọpọ́n.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ọjà Máìlì 12 wá, tẹ́ ẹ fi tòmátì àti ata sílẹ̀ kí ẹlòmíì bá yín tà á, ẹ kú ọjà, ẹ ó jèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Alápẹ̀rẹ̀, láti Agbóyì, láti Ògùdù, ẹ káàbọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé òní ni yóò kọ́kọ́ ta ayò, kó nawọ́ sókè ká rí i. Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin gan-an la torí yín pàdé. Ẹ bọ́ síwájú, ẹ jókòó ti ọpọ́n. Ẹ̀yin ọ̀ta wa tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ayò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nawọ́ wọ̀nyẹn, wọn yóò pè yín ní ọ̀pẹ lónìí. Ẹ má bínú. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nídìí ayò nìyẹn: ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀pẹ, kò sì sí ọ̀ta kankan níbí tí kò ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò fi yín ṣe ẹ̀fẹ̀, wọn yóò yin ara wọn létí yín, ẹ̀yin náà yóò sì kọ́ bí ẹ ṣe máa fèsì. Ohun kan ṣoṣo ni n kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín, ìyẹn ìrẹ́jẹ. Ọ̀pẹ ló rọrùn jù láti rẹ́ jẹ, nítorí pé ọwọ́ ọ̀ta yára, ojú ọ̀pẹ kò sì tíì mọ bí a ṣe ń tẹ̀ lé ọwọ́. Nítorí náà, kí n tó kọ́ yín bí ẹ ṣe lè borí, n óò kọ́ yín bí ẹ ṣe lè ṣọ́ ọpọ́n. Ìmọ̀ kan náà ni méjèèjì.

Òfin kan ṣoṣo

Ẹ wo ara yín yíká. Nínú ọgbà yìí, a rí Yorùbá, a rí Ìgbò, a rí Haúsá, a rí Ẹ̀gùn. Àwọn ará Ìgbò ní ọ̀kwè tiwọn tó jọ ayò. Àwọn Haúsá ń ta dara, àmọ́ eré mìíràn pátápátá nìyẹn, títo mẹ́ta sórí ìlà kan ni wọ́n ń lé níbẹ̀. Ní Gánà, oware ni wọ́n ń pe ayò, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sì gbé e dé Àńtígúà àti Bàbédọ̀sì, níbi tí wọ́n ti ń ta á títí di òní lábẹ́ orúkọ warri. Kódà láàárín àwa Yorùbá nìkan, ọ̀nà tí ọmọdé ń gbà ta á lẹ́yìnkùlé kì í sábà bá ti àwọn àgbà dọ́gba.

Ìdí nìyí tí ìjà ayò fi pọ̀ ju ìrẹ́jẹ ayò lọ. Ẹni méjì yóò jókòó, oníkálukú yóò mú òfin ilé bàbá rẹ̀ wá, kò sí ẹni tó máa sọ ọ́ jáde, àfìgbà tí ọ̀kan bá kó ọmọ tí ẹnìkejì rò pé kò yẹ kó kó. Ẹni tó kó o kò puró, ẹni tó ń bínú náà kò puró. Wọn kò kàn fẹnu kò ni. Ní Ìdíje Eré Ìdárayá Àpapọ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Èkó ní ọdún 1973, ayò wà lára eré ìbílẹ̀ tí àwọn ìpínlẹ̀ ń díje lé lórí. Kò sí bí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ṣe lè lọ bí kò bá sí òfin kan tí gbogbo wọn fara mọ́. Òfin tí mo fẹ́ kà fún yín yìí ni gbogbo ọpọ́n tó wà níbí yóò máa lò lónìí. Bí ti ilé yín bá yàtọ̀, ẹ fi í sílé di alẹ́.

Bí a ṣe ń ta á

Ọpọ́n ní ojú 12. Ilé la ó máa pe ojú kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà wà lọ́dọ̀ rẹ, mẹ́fà wà lọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ta. Ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ló máa ń wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ẹ má gbàgbé 48 yìí, nítorí pé òun ni a ó fi mọ̀ bí nǹkan bá sọnù. Kí a lè gbọ́ ara wa yé, ilé tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ ni ilé kìíní, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún pátápátá ni ilé kẹfà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó jókòó síwájú rẹ yóò ṣe ka tirẹ̀ láti ọwọ́ òsì tirẹ̀.

Bí ó bá kàn ọ́, yan ilé kan lọ́dọ̀ rẹ, kó gbogbo ọmọ tó wà nínú rẹ̀, kí o sì máa fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òsì lọ sí ọ̀tún. Bí o bá kọjá ilé kẹfà, ó di ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, ilé kìíní tirẹ̀ ni ọwọ́ rẹ yóò kọ́kọ́ kàn. Ilé tí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹnìkejì, tí ohun tó wà níbẹ̀ sì wá di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, bojú wo ilé tó ṣáájú rẹ̀. Bí òun náà bá jẹ́ ti ẹnìkejì, tó sì jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, o tún jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wàá máa fà sẹ́yìn títí wàá fi kan ilé tí kò jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ibẹ̀ lo ti dúró, ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe tìrẹ mọ́. Ẹni tó bá jẹ 25 ti borí. Bí ó bá parí sí 24 sí 24, ọ̀mì ni.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sójú ọpọ́n kó yé wa. N óò pe àwọn méjèèjì tó ń ta ní Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ló kàn. Ọmọ mẹ́rin wà nínú ilé karùn-ún rẹ̀. Lọ́dọ̀ Àbúrò, ọmọ kan wà ní ilé kìíní, méjì wà ní ìkejì, ọ̀kan wà ní ìkẹta, mẹ́rin wà ní ìkẹrin, ilé karùn-ún àti ìkẹfà náà kò sì ṣófo. Ẹ̀gbọ́n kó mẹ́rin rẹ̀. Ó fi ọ̀kan sí ilé kẹfà tirẹ̀, ó fi ọ̀kan sí ilé kìíní Àbúrò tó fi di méjì, ó fi ọ̀kan sí ìkejì tó fi di mẹ́ta, ó fi èyí tó kẹ́yìn sí ìkẹta tó fi di méjì. Ó jẹ méjì, ó fà sẹ́yìn jẹ mẹ́ta, ó tún fà sẹ́yìn jẹ méjì. Méje ló jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì sí ẹ̀tàn kankan nínú rẹ̀. Bí ilé mẹ́ta rẹ bá ṣe báyìí wà nínú ewu tí o kò rí i, ọ̀ta kò rẹ́ ọ jẹ, ìwọ ni o kò wo ọpọ́n.

Ẹ jẹ́ ká yí nǹkan kan padà níbẹ̀. Ká ní mẹ́ta ló wà ní ilé kejì Àbúrò kí Ẹ̀gbọ́n tó ta. Ọmọ tí Ẹ̀gbọ́n bá jù síbẹ̀ yóò sọ ọ́ di mẹ́rin. Yóò jẹ méjì tó wà ní ilé kẹta, yóò sì dúró, nítorí pé mẹ́rin ti dí ọ̀nà. Ilé kìíní di méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè fo mẹ́rin kọjá lọ kó o. Ibí yìí ni ọ̀pẹ ti máa ń ṣèṣì kó ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn kan ti máa ń dọ́gbọ́n kó o bí wọ́n bá rí i pé ẹni tí wọ́n ń bá ta kò mọ òfin. Nítorí náà, ẹni tó bá jẹ, kó pariwo iye tó jẹ ní ilé kọ̀ọ̀kan kó tó kó o kúrò lójú ọpọ́n: “Méjì. Mẹ́rin dí mi. Mo dúró.” Ẹ̀tọ́ ẹnìkejì ni láti gbọ́ ọ.

Ibi tí ìrẹ́jẹ ń fara pamọ́ sí

Nínú ayò, kò sí káàdì tí ẹnikẹ́ni lè fi pamọ́. Gbogbo ọmọ ló wà lójú ọpọ́n tí ẹni méjèèjì ń wò. Ibì kan ṣoṣo tí ojú kì í dé ni inú ọwọ́ tó ń ju ọmọ. Ìgbà tí ọmọ wà nínú ọwọ́ yẹn ni ìrẹ́jẹ máa ń wáyé, bóyá nípa fífi méjì sílé kan, tàbí fífo ilé kan kọjá.

Ẹ padà wá sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò. Bí ọpọ́n Àbúrò ṣe wà lákọ̀ọ́kọ́ náà ló wà: ọ̀kan, méjì, ọ̀kan, mẹ́rin. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ márùn-ún ló wà nínú ilé karùn-ún Ẹ̀gbọ́n. Bí ó bá jù ú bó ṣe tọ́, ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí ilé kẹrin Àbúrò, yóò sì sọ mẹ́rin tó wà níbẹ̀ di márùn-ún. Kò jẹ ohunkóhun. Àmọ́ bí Ẹ̀gbọ́n bá yára ju méjì sí ilé kẹfà tirẹ̀, ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí ilé kẹta Àbúrò, yóò sì kó méje. Ọmọ kan ṣoṣo tó ṣì bọ́ síbi kan ló sọ òfo di méje.

Báwo ni Àbúrò ṣe máa mọ̀? Ó ti yẹ kó mọ̀ kí Ẹ̀gbọ́n tó gbọ́wọ́. Iye ọmọ tó wà nínú ilé ló ń sọ ibi tí yóò parí sí, kò sí bí ó ṣe lè yí padà. Láti ilé karùn-ún, ọ̀kan yóò parí sí ìkẹfà, méjì yóò parí sí ilé kìíní ẹnìkejì, mẹ́ta yóò parí sí ìkejì, mẹ́rin sí ìkẹta, márùn-ún sí ìkẹrin. Ẹni tó bá ti fi ojú ka márùn-ún ti mọ̀ pé ilé kẹrin ló ń lọ. Bí ọwọ́ bá ṣófo ní ilé kẹta, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rí méjì ló sì máa wà nílẹ̀: ilé kẹrin Àbúrò ṣì jẹ́ mẹ́rin, ilé kẹfà Ẹ̀gbọ́n sì fi méjì lé sí i dípò ọ̀kan.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹni tó ń ta máa ju ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́ tí gbogbo ènìyàn ń rí, kó má sì yára ju bí ẹni tó ń bá a ta ṣe lè tẹ̀ lé e. Ọ̀pẹ lè sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra.” Kì í ṣe àfojúdi, kódà bí ẹ bá ń bá bàbá yín ta. Mo sì ń bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má pariwo “olè” bí èyí bá ṣẹlẹ̀. Ọmọ ayò ń yọ̀, ó kéré, méjì lè bọ́ pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní èròkerò kankan. Ẹ ní, “Ẹ jẹ́ ká dá a padà.” A ó kó ọmọ padà síbi tó ti wá, a ó sì tún un jù. Ìgbà tí a lè ṣe èyí ni kí ẹnìkejì tó ta tirẹ̀. Bí o bá ti ta tìrẹ lé e lórí, o ti gbà á, ó ti kọjá lọ.

Bí ọpọ́n bá sì dà bí ẹni pé ó dín, ẹ pe onídàájọ́, kó kà á. Ká ní Ẹ̀gbọ́n ti jẹ 14, Àbúrò ti jẹ 11. Ìyẹn jẹ́ 25. Ohun tó kù lójú ọpọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ 23. Bí ó bá jẹ́ 22, ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ àga kí ẹ tó wo ojú ara yín.

Ọwọ́, ẹnu àti odù

Nǹkan mìíràn tí ẹ ó máa bá pàdé ni fífọwọ́ kan ilé. Ojú ni kí ẹ fi ka ọmọ. Ilé tí o bá ti kó ọmọ inú rẹ̀ lo gbọ́dọ̀ ta. O kò lè kó o, kà á, rí i pé kò gbè ọ́, kí o sì dá a padà. Lónìí, ẹni tó bá jẹ́ pé ó kọ́kọ́ ń ta ayò ní ànfààní kan: kó tó gbọ́wọ́, ó lè béèrè lọ́wọ́ onídàájọ́ bóyá ohun tó fẹ́ ṣe bófin mu. Onídàájọ́ yóò sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò ní sọ fún un bóyá ó dára.

Odù ló máa ń dán ọ̀rọ̀ yìí wò jù. Bí ọmọ bá pọ̀ tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé kan, odù ni, ojú kò sì lè ka irú rẹ̀ dáadáa. Ẹ máa ka ohun tó ń wọlé síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má dúró dìgbà tó bá di òkìtì. Bí odù bá yí ọpọ́n po, kì í fi ọmọ sí ilé tó ti jáde. Ká ní 12 wà ní ilé kẹfà rẹ. Mọ́kànlá yóò wọ ilé mọ́kànlá yòókù, ìkejìlá yóò fo ilé kẹfà kọjá, yóò sì bọ́ sí ilé kìíní ẹnìkejì lẹ́ẹ̀kejì. Bí ilé náà bá ṣófo tẹ́lẹ̀, ó ti di méjì, o jẹ ẹ́. Ọ̀pẹ tí kò bá fo ilé yìí yóò fi ọmọ ìkẹyìn sínú ilé ara rẹ̀, kò sì ní jẹ nǹkan kan. Mo bẹ ẹ̀yin ọ̀ta, bí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ta bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún un. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí o bá mọ òfin tí o sì dákẹ́ kí ọ̀pẹ lè pàdánù, ìrẹ́jẹ nìyẹn náà.

Ẹ̀yin òǹwòran, ayò kò dùn láìsí yín. Ẹ fi àwọn tó ń ta ṣẹ̀fẹ̀, ẹ kọrin, ẹ kí ẹni tó bá jẹ. Àmọ́ ẹ má nawọ́ sí ilé kankan, ẹ má ka ọmọ sókè, ẹ má wúkọ́ nígbà tí ọwọ́ ẹnìkan bá fẹ́ kan ilé tó léwu. Bí ẹnìkan bá ju ọmọ ní àjùṣì, onídàájọ́ ni kí ẹ pè. A kò sì fi owó sí i lónìí, ì báà jẹ́ náírà kan.

Má fi ebi pa ẹni tí ẹ jọ ń ta

Òfin tó kù ni èyí tí mo fẹ́ràn jù. Bí gbogbo ilé ẹnìkejì bá ṣófo, tó sì kàn ọ́, o gbọ́dọ̀ ta ohun tí yóò fún un ní ọmọ. Ká ní ọmọ mẹ́ta ló kù ní ilé kejì rẹ, ọ̀kan sì wà ní ìkẹfà. Mẹ́ta yẹn yóò parí sí ilé karùn-ún rẹ, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ti ìkẹfà yóò bọ́ sí ilé kìíní rẹ̀. Ìyẹn nìkan lo lè ta, ì báà wù ọ́ tàbí kó má wù ọ́. Àfi tí kò bá sí ilé kankan lọ́dọ̀ rẹ tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ayò tó parí, tí o sì kó ohun tó kù. Bákan náà, bí jíjẹ rẹ bá máa gbá gbogbo ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ, o lè ta á, ṣùgbọ́n o kò ní jẹ nǹkan kan níbẹ̀. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Bí ọmọ díẹ̀ tó kù bá sì ń yí po tí kò sẹ́ni tó lè jẹ, ẹ pe onídàájọ́, oníkálukú yóò kó èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi nílò láti yan ọ̀pẹ jẹ. Ní ọdún 2002, ọ̀mọ̀wé méjì ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, fi ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n so pọ̀ ṣírò ayò tó ń lo irú òfin wa yìí tán pátápátá. Bí ọmọ ṣe lè tò lójú ọpọ́n lé ní bílíọ̀nù 889, wọ́n sì wo gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹni méjèèjì bá ta á láìṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni yóò jẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ ta kò ní ànfààní ju ẹnìkejì lọ. Gbogbo ọmọ tí o bá jẹ kọjá 24, àṣìṣe ẹnìkejì ló fún ọ. Ọ̀pẹ yóò ṣe àṣìṣe tó pọ̀ tó fún ọ̀ta láti borí láì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ọ̀pẹ náà yóò sì kọ́ ọgbọ́n lára àṣìṣe yẹn bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n fi nà án. Bí wọ́n bá fi ìrẹ́jẹ nà án, kò rí nǹkan kan kọ́.

Ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é rèé. Ọ̀ta kan àti ọ̀pẹ kan ni yóò jókòó sídìí ọpọ́n kọ̀ọ̀kan. Ayò àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ìdíje. Kí ọ̀pẹ tó gbọ́wọ́, kó sọ ibi tí ọmọ rẹ̀ ìkẹyìn máa bọ́ sí. Kí ọ̀ta náà sọ tirẹ̀. Ẹni tó bá lè máa sọ ọ́ láì ṣì í, kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ mọ́. Ayò kejì ni a ó máa kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ka ọmọ yín, mẹ́rin-mẹ́rin, kó pé 48. Ọ̀pẹ ni kó kọ́kọ́ ta.